Páálí 9 tàbí páálí 12: táìlì mélòó ni yàrá yìí máa gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Yàrá mi gùn ní mítà 3.80, ó sì fẹ̀ ní mítà 3.30. Táìlì 60 sí 60 ni mo fẹ́ tẹ́ síbẹ̀, mẹ́rin ló wà nínú páálí kan. Mo ṣírò ó, páálí 9 ló jáde. Ẹni tó fẹ́ bá mi tẹ́ ẹ ní kí n ra 12, ó ní a máa gé síkátìn ẹsẹ̀ ògiri lára rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ kó ìyókù lọ sílé ara rẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè mọ iye tí mo nílò gan-an?

Ìdáhùn: Kò rẹ́ yín jẹ. Ìṣirò tiyín náà kò ní àṣìṣe, àmọ́ ìbéèrè mìíràn ló dáhùn. Ẹ sọ 3.80 di ìlọ́po 3.30, ẹ rí mítà onígun mẹ́rin 12.54. Táìlì yín kan máa ń bo 0.36. Nígbà tí ẹ pín in, 34.83 ló jáde, ẹ sọ ọ́ di 35, ó sì wọ páálí 9. Ohun tí ìṣirò yẹn ń sọ ni pé tí a bá lè lọ táìlì bí iyanrìn kí a sì dà á sílẹ̀, táìlì 35 máa kárí ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n odidi la ń ra táìlì. Ibi tí ògiri bá ti dá a dúró la ti máa gé e, àgékù tó bá ṣẹ́ sílẹ̀ lè rí ibi wọ̀, ó sì lè má rí. Ọ̀rọ̀ àgékù yìí ni gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní òfò.

Ẹ ti máa gbọ́ pé kí ẹ kàn fi ìdá 10 nínú 100 kún un. Èmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ bá fẹ̀ tí táìlì sì kéré. Nínú yàrá bíi tiyín, tí táìlì tóbi tí ìlà rẹ̀ kò sì pọ̀, ìdá 10 yẹn máa ń tan èèyàn jẹ. Tí ẹ bá fi kún 34.83, ó di táìlì 39. Ẹ máa rí i láìpẹ́ pé 39 pọ̀ jù fún ọ̀nà kan tí a lè gbà tẹ́ ẹ, kò sì tó fún òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tún yàrá náà wọ̀n. Ẹ fi téèpù wọn gígùn rẹ̀ níbi mẹ́ta, ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, ní àárín, àti ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Ẹ ṣe bákan náà fún ìbú. Iye tó bá tóbi jù ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ sì ṣe igun méjì yòókù bákan náà. Nínú yàrá tí igun rẹ̀ gún, àwọn méjèèjì máa jẹ́ nǹkan bíi mítà 5.03. Tí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta ju èkejì lọ, ògiri yín ti wọ́, kò sì sí ohun tí táìlì máa ṣe sí i ju pé kí ègé tó wà lẹ́bàá ògiri fẹ̀ lápá kan kó sì tín-ín-rín lápá kejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa padà wúlò nígbà tí a bá ń yan bí a ṣe máa tò ó.

Ẹ tún ka ara páálí. Táìlì tí wọ́n ń pè ní 60 sí 60 lè jẹ́ 59.5 tàbí 59.7 gan-an. Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ní ìlà tó ní táìlì mẹ́fà, mílímítà 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di sẹ̀ǹtímítà 3. Nínú ìṣirò tó ń bọ̀ yìí, mo gbà pé tiyín jẹ́ 60 géérégé, pé ẹ̀rọ ti rẹ́ etí rẹ̀ gún, àti pé àlàfo mílímítà 2 ni a máa fi sáàárín táìlì kan àti èkejì. Mo tún yọ mílímítà 5 sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri kọ̀ọ̀kan, torí táìlì kò gbọ́dọ̀ fún mọ́ ògiri pinpin. Síkátìn ló máa bo àlàfo yẹn. Torí náà, sẹ̀ǹtímítà 379 ni gígùn tí a ń tẹ́, 329 sì ni ìbú rẹ̀.

Wàyí o, dípò kí ẹ fi ìwọ̀n ilẹ̀ pín, ẹ ka ìlà. Táìlì kan pẹ̀lú àlàfo rẹ̀ gba 60.2. Gígùn 379 gba mẹ́fà, ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù: ẹ pè é ní ìlà 7. Ìbú 329 gba márùn-ún, ó ṣẹ́ díẹ̀ kù: ẹ pè é ní ìlà 6. Méje lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 42. Iye yìí ni ẹ máa rà tí ègé kọ̀ọ̀kan bá jẹ odidi táìlì tirẹ̀ tí a kò sì tún lo àgékù kankan sílẹ̀ yàrá náà. Òkè rẹ̀ nìyẹn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni 35 tiyín. Ohun tó máa sọ ibi tí ẹ máa bọ́ sí láàárín méjèèjì ni ibi tí ẹni tó ń tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kan, ó gbé odidi táìlì kan ògiri méjèèjì tó wà níbẹ̀, ó sì ń tẹ́ ẹ lọ. Odidi mẹ́fà lọ́nà márùn-ún, 30. Ní ìpẹ̀kun gígùn, ààyè tó kù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 17.8. Ní ìpẹ̀kun ìbú, ó jẹ́ 28. Ègé 28 yẹn ń mú inú mi dùn, nítorí pé méjì ló ń jáde lára táìlì kan. Mẹ́fà la nílò, táìlì mẹ́ta parí rẹ̀. Tí ẹ bá wo ègé 17.8, ẹ máa sọ pé mẹ́ta ló máa jáde lára ọ̀kan. Òótọ́ ni, téèpù gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo etí rẹ̀. Ègé tó wà lẹ́bàá ògiri gbọ́dọ̀ kọ etí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ sí táìlì ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, kó sì kọ etí tí a fi ẹ̀rọ gé sí ògiri, níbi tí síkátìn máa bò ó. Tí ẹ bá gé táìlì kan sí mẹ́ta, èyí tó wà láàárín ti di ohun tí a gé lápá ọ̀tún tí a tún gé lápá òsì. Kò sí bí ẹ ṣe máa gbé e tí etí gígé kò ní hàn lẹ́bàá àlàfo, ó sì máa ń rí págunpàgun bíi pé eku jẹ ẹ́. Nítorí náà, méjì ni kí ẹ kà, kì í ṣe mẹ́ta. Ègé márùn-ún pẹ̀lú ti igun, mẹ́fà, táìlì mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ di 36.

Páálí 9 tiyín gan-an nìyẹn! Tí kò bá sí táìlì kan tó fọ́, tí ọwọ́ ẹni tó ń gé e kò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnu ọ̀nà kò gba nǹkan kan, tí kò sì sí síkátìn, 36 máa tó, kò sì ní ṣẹ́ ku ẹyọ kan.

Wàhálà ètò yìí wà ní ìlà 17.8. Ègé tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta táìlì kì í dára lójú, ó máa ń dà bí ohun tí a gbàgbé tí a wá fi dí ihò. Tí ògiri bá tún wọ́ bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan, ègé 17.8 lè di 19 lókè kó di 16 nísàlẹ̀, ojú á sì rí i kíákíá. Lára ègé tó fẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn kan náà kì í hàn. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín yàrá, kí ègé ọ̀tún àti ti òsì lè dọ́gba. Ní gígùn yín, ó máa di odidi márùn-ún láàárín, pẹ̀lú ègé 38.9 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ìbú, ó máa di odidi mẹ́rin pẹ̀lú ègé 44 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ náà á gún régé. Àmọ́ kò sí táìlì tí ègé 38.9 méjì lè jáde lára rẹ̀, kò sì sí èyí tí ègé 44 méjì lè jáde lára rẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan ti jẹ odidi kan. A ti padà sí 42.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì, òun sì ni èmi máa kọ́kọ́ rò tó bá jẹ́ pé táìlì wọ́n. Ìlà 17.8 ló burú, 28 kò burú rárá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ẹ lè mú gígùn nìkan dọ́gba láti àárín, kí ẹ sì fi odidi bẹ̀rẹ̀ ìbú láti ògiri tí èèyàn kọ́kọ́ ń rí tó bá wọlé, kí ègé 28 bọ́ sí ògiri tí bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù máa bò. Ìlà méje lọ́nà márùn-ún jẹ́ 35. Ìlà ìkẹyìn ní ègé méje, méjì láti ara táìlì kan, ó di mẹ́rin. 39 ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá rí i: yàrá kan náà, táìlì kan náà, 36, 39 tàbí 42. Ìdá 10 nínú 100 kò lè mọ èyí tí ẹ fẹ́ nínú wọn. Tó bá jẹ́ táìlì 30 sí 30 ni ẹ mú, ìlà 13 lọ́nà 11 ló máa jẹ́, 143, nígbà tí ìwọ̀n ilẹ̀ ń sọ 140. Ẹ lè mú un dọ́gba láti àárín, kó má kúrò ní 143. Bí táìlì bá ṣe tóbi tó nínú yàrá kékeré ni òfò rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó, torí pé apá tó pọ̀ nínú táìlì yín ló ń kan ògiri.

Ó ku síkátìn, ibẹ̀ sì ni ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ ti fi hàn pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Yí ká yàrá yín jẹ́ mítà 14.2. Ẹ kò sọ bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, ká ní sẹ̀ǹtímítà 90 ni: ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 13.3. Tí síkátìn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gùn ní 60, ẹ nílò 23.

Ẹ padà sí ètò 42, kí ẹ wo àgékù tó wà nílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ti igun mẹ́rin sílẹ̀, torí ibi méjì la ti gé wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mẹ́jọ wà níbẹ̀ tó fẹ̀ ní nǹkan bíi 21. Síkátìn méjì ń jáde lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di 16. Mẹ́wàá tún wà tó fẹ̀ ní 16, ọ̀kan-ọ̀kan ló ń jáde lára wọn. Ẹ mú méjì nínú mẹ́wàá yìí fún ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà, níbi tí nínípọn ògiri jẹ́ 15 tàbí kó dín díẹ̀. Mẹ́jọ kù. Mẹ́jọ pẹ̀lú 16 jẹ́ 24. Ẹ nílò 23. Mi ò gbọ́n ọn dá o, bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sí. Ohun tí a ń pè ní òfò ti yí ògiri ká tán.

Ní ètò 36, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgékù tó ṣe é lò níbẹ̀ kò ju àárín mẹ́ta tó fẹ̀ ní 24 lọ, síkátìn mẹ́fà péré. Ti ègé 28 kò ṣẹ́ ku ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ìyẹn ti di pàǹtí. Ẹ máa gé táìlì tuntun kan fún ẹnu ọ̀nà, kí àgékù rẹ̀ fún yín ní síkátìn méjì, kí ẹ sì tún gé mẹ́ta míì fún 15 tó kù, márùn-ún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. 36 ti di 40. Táìlì mẹ́fà tí ẹ rò pé ẹ fi bẹ̀rẹ̀ láti igun dín kù ti di méjì, ilẹ̀ yín sì tún ní ìlà tín-ín-rín yẹn. Èmi kò ní torí táìlì méjì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun méjì lè ba ìṣirò síkátìn yìí jẹ́. Èkíní ni etí. Etí òkè síkátìn ni gbogbo èèyàn ń rí. Nígbà tí ẹ bá la àgékù 21 sí méjì, ọ̀kan ní etí ilé iṣẹ́, èkejì kò ní. Èyí tí kò ní yẹn, kí wọ́n fi òkúta ìyọ́ta fọwọ́ rẹ́ ẹ lókè, tàbí kí wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Tí táìlì yín bá jẹ́ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wà lójú nìkan, tí ara rẹ̀ nínú pupa tàbí funfun, etí gígé máa hàn gbangba, nítorí náà ẹ kà á sí síkátìn kan lára àgékù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lo àgékù igun mẹ́rin tí a fi sílẹ̀ náà, kí ẹ sì fi táìlì méjì kún un. Èkejì ni àwòrán. Táìlì tí ìlà àwòrán rẹ̀ ń lọ sí apá kan, bí èyí tó jọ pákó, kò ṣe é yí síbi tó wù yín. Síkátìn tí a gé ní ìdàkejì máa ta ko ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan èyí tó máa fọ́. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu pé èyí ló kéré jù. Ní yàrá onígun mẹ́rin tí kò ní páìpù tó yọ látilẹ̀, èmi máa ń ka méjì: ọ̀kan tó máa ti sán nínú páálí kí a tó ṣí i, ọ̀kan tó máa sán lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ fi ọ̀kan kún un nítorí síkátìn, torí 24 lórí 23 kò fi àyè kankan sílẹ̀. 42 di 45. Páálí 11 jẹ́ 44, kò tó. Páálí 12 jẹ́ 48. Mẹ́ta máa ṣẹ́ kù, ẹ sọ fún ẹni yín látòní pé ọwọ́ yín ni mẹ́ta yẹn máa wà.

Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ ra 11 ná, kí ẹ padà lọ ra ọ̀kan tó bá kù. Mo ti ṣe é rí nínú ilé ara mi, táìlì mẹ́ta ló dín. Nígbà tí mo padà lọ, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà ni wọ́n gbé fún mi. Mo tẹ́ ẹ tán kí n tó rí i pé ó dúdú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi nǹkan bíi mílímítà kan tóbi jù, àlàfo rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu mọ́. Bẹ́ẹ̀dì ló wà lórí rẹ̀ títí dòní. Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ṣe ń sun táìlì ní ilé iṣẹ́, ìsun kan kì í pa àwọ̀ àti ìwọ̀n pọ̀ mọ́ ìkejì délẹ̀délẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ àmì àwọ̀ àti àmì ìwọ̀n sára páálí. Kí ẹ tó gbé 12 yín kúrò, ẹ wo àmì méjèèjì lára gbogbo páálí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tó bá yàtọ̀, ẹ dá a padà níbẹ̀. Ẹ sì béèrè kí ẹ tó sanwó bóyá wọ́n máa gba páálí tí ẹ kò ṣí padà.

Gbogbo èyí wà fún táìlì tí a tẹ́ gún bá ògiri mu. Tí ẹ bá fẹ́ kó dà bí dáyámọ́ńdì, tí orí táìlì kọ sí ògiri, ẹ má ka ìlà rárá. Gbogbo ẹ̀bá ògiri ló máa di onígun mẹ́ta, ibẹ̀ ni mo ti máa ń gba ìdá 15 nínú 100 gbọ́, mo sì máa ń ra síkátìn lọ́tọ̀, torí pé àgékù onígun mẹ́ta kò lè di síkátìn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni náà ní ohun kan: ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀? Tó bá ní láti àárín, 12 rẹ̀ tọ̀nà. Tó bá ní láti igun ẹnu ọ̀nà, ẹ ní kó fi téèpù hàn yín bí ègé tó wà ní ògiri ìkẹyìn ṣe máa fẹ̀ tó. Kódà níbẹ̀, 40 pẹ̀lú méjì tó lè fọ́ jẹ́ 42, páálí 11. Kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà fi 9 ṣe é àfi tí ẹ bá fi síkátìn sílẹ̀.